Ìkòkò Aró Lórí Pépà

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa kéde pé a fẹ́ ṣe fíìmù kékeré nípa aró Abẹ́òkúta, ohun tí gbogbo èèyàn ń bi wá ni irú kámẹ́rà tí a máa lò. Kò sẹ́ni tó béèrè ta ni yóò jókòó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá gbà sílẹ̀, tí yóò kọ ọ́ jáde, tí yóò sì sọ fún ẹ́dítọ̀ pé kó gé ibí, kó fi tọ̀hún sílẹ̀. Èmi ni iṣẹ́ yẹn já lé léjìká. Wọ́n ní èmi ni mo máa ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kódà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù, nítorí náà kí n lọ fi ìyà jẹ ara mi dáadáa.

Pépà ẹ́dìtì ni àwọn onífíìmù ń pe iṣẹ́ náà. Èmi yóò máa pè é ní ìtò orí pépà. Ohun tó jẹ́ ni pé, kí ẹnikẹ́ni tó gbé fídíò sínú kọ̀ǹpútà láti gé e, a ó ti to fíìmù náà tán sórí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọ̀rọ̀ ta ló ṣíwájú, ó bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú wo, ó parí ní ìṣẹ́jú wo, àwòrán wo ni ojú ń rí bí etí ṣe ń gbọ́ ọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ṣe é, pàápàá nítorí pé mo rí i pé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí a ń kọ́ ní ẹ̀ka wa wúlò níbẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ẹni mẹ́ta ni a gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, ní agbo-ilé kan tí kò jìnnà sí ọjà Ìtòkú. Ìyá àgbà kan tó fi ẹ̀lú rẹ aṣọ láti ìgbà èwe wọn ni àkọ́kọ́. Ọmọ wọn obìnrin ni ìkejì: òun náà ń ṣe àdìrẹ, ṣùgbọ́n aró oníyẹ̀fun tí wọ́n ń tà lọ́jà àti ìda àbẹ́là ló ń lò. Ìkẹta ni télọ̀ kan tó ń rán aṣọ àdìrẹ. Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà gba wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 52, ti ọmọ wọn gba ìṣẹ́jú 58, ti télọ̀ gba ìṣẹ́jú 27. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 17. Lẹ́yìn èyí, a tún ní bíi ogójì ìṣẹ́jú àwòrán iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀: ọwọ́ tó ń di aṣọ níko, omi eérú tó ń kán, aṣọ tó jáde látinú ìkòkò bí ewé tútù, tí afẹ́fẹ́ sì sọ di aró lójú wa. Fíìmù tí a fẹ́ ṣe kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 12 lọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fún fáìlì kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Kámẹ́rà tí a yá máa ń dúró fúnra rẹ̀ tó bá ti gba ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú àáyá 59, a ó sì tún un tẹ̀. Nítorí náà fáìlì mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà pín sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí mo bá kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ kan wà ní ìṣẹ́jú kejìlá láì dárúkọ fáìlì, ibi mẹ́rin ni ẹ́dítọ̀ yóò ti wá a. Mo pe ti Ìyá Àgbà ní A1 dé A4, ti ọmọ wọn ní B1 àti B2, ti télọ̀ ní D1. Orúkọ yìí kan náà ni a fi sára fáìlì nínú kọ̀ǹpútà ẹ́dítọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀. Bí ẹ bá yí orúkọ fáìlì padà lẹ́yìn tí ìtò ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo nọ́ḿbà tó wà lórí pépà yín ti di àwáàrí nìyẹn.

ELAN ni mo lò láti kọ ọ̀rọ̀ náà jáde. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n láti kíláàsì iṣẹ́ pápá. Mo ṣí ìlà kan fún olùsọ̀rọ̀, ìlà kan fún ẹni tó ń bi í léèrè, mo sì ṣí ìlà kẹta fún ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀: ẹ̀rín, ìsọdá, adìẹ tó ké, ẹ̀rọ ìlọta ilé kejì tí wọ́n tan. Ìlà kẹta yìí ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù lọ nígbẹ̀yìn, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú. Ẹnìkan péré tó bá mi ṣe é àti èmi lo ọjọ́ mẹ́sàn-án, nítorí wákàtí ọ̀rọ̀ kan ń gba wa tó wákàtí mẹ́fà kí a tó kọ ọ́ tán.

Ohun kékeré kan wà tí ẹni tó bá ti ELAN bọ̀ ní láti mọ̀. ELAN ń pín ìṣẹ́jú àáyá sí ẹgbẹ̀rún, ẹ́dítọ̀ fíìmù sì ń pín in sí fíréèmù. Fíréèmù 25 ni kámẹ́rà wa ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé fíréèmù kọ̀ọ̀kan jẹ́ 40 nínú ẹgbẹ̀rún. Bí ELAN bá kọ `00:12:41.360`, a ó fi 40 pín 360, a ó rí 9, a ó sì kọ `00:12:41:09` fún ẹ́dítọ̀. Bí ẹ bá kọ 360 ránṣẹ́ sí i bẹ́ẹ̀, yóò rò pé ẹ ń ṣépè ni.

Nígbà tí a tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, ojú ìwé 41 ni. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Kí n tó fi bírò kan ìwé, mo kọ ìbéèrè kan sórí káàdì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: kí ló dé tí ìkòkò ẹ̀lú fi dákẹ́ nínú agbo-ilé yìí, tí àdìrẹ sì ṣì ń tibẹ̀ jáde? Fíìmù wa dá lórí ìbéèrè yìí, kò dá lórí ohun gbogbo tí a lè sọ nípa aró. Télọ̀ sọ ìtàn kan nípa oníbàárà tó gbé aṣọ ìyàwó wá tí kò padà wá gbà á, ìtàn náà pa wá lẹ́rìn-ín dójú omi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo káàdì, kò dáhùn ohunkóhun níbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Bírò aláwọ̀ méjì péré ni mo lò. Àwọ̀ ewé jẹ́ ti ọ̀rọ̀ tí fíìmù kò lè ṣe láìsí i, àwọ̀ ọsàn jẹ́ ti ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó wúlò. Mo mọ àwọn tó ń lo àwọ̀ mẹ́fà, ọ̀kan fún kókó ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ojú wọn ni yóò wí fún wọn. Nígbà tí mo parí àkọ́kà, ìṣẹ́jú 46 ni mo ti fàlà sí. Mo sùn lé e. Nígbà tí mo tún un kà, ó ku 21. Lẹ́yìn náà ni mo kọ orúkọ fáìlì àti nọ́ḿbà àkókò sára gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gé wọn pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, mo sì tẹ́ wọn sílẹ̀ yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹ pa fáànù kí ẹ tó ṣe é o.

Ohun tó dára nínú kí èèyàn gbé pépà sílẹ̀ báyìí ni pé kò náni ní nǹkankan láti gbìyànjú. Mo fi ọmọ ṣíwájú ìyá, mo fi télọ̀ bẹ̀rẹ̀, mo tún un tú ká. Bí èyí bá jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, wákàtí kọ̀ọ̀kan ni ẹ́dítọ̀ yóò fi máa gbé e síwá-sẹ́yìn, a ó sì ti lẹ̀ mọ́ ìtò àkọ́kọ́ torí pé ó ti rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n pépà náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀, ẹ̀tàn náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ibì kan ṣoṣo nínú fíìmù náà láti fi ṣàlàyé rẹ̀.

Ní A1, ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ bi Ìyá Àgbà pé, "Mà, ṣé kíá ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ aṣọ nígbà tí ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá yín?" Ìyá Àgbà sì dáhùn pé, "Wọ́n ò jẹ́ n fọwọ́ kàn án. Ọdún méjì ni mo fi ń pọnmi nìkan, n ò tíì mọ bínú ìkòkò ṣe rí." Lójú ẹsẹ̀ ni mo fa àwọ̀ ewé sí i. Ọ̀rọ̀ tó ní ẹran lára ni. Ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ ohùn abẹ̀ẹ̀rè nínú fíìmù wa, gbogbo ìbéèrè ni a ó gé kúrò. Ẹ wá ka ìdáhùn náà láìsí ìbéèrè. Ta ni "wọ́n"? Kí ni "án"? Arọ́pò orúkọ méjèèjì ti di ọmọ òrukàn. Ẹni tó ń wo fíìmù yóò rò pé ìjọba ni, tàbí àwọn ará ilé ọkọ, nítorí pé "wọ́n" wa lè jẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì lè jẹ́ àgbà kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún.

Irú èyí pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀ ju bí ẹ ṣe lè rò lọ, torí pé bí èèyàn ṣe ń dáhùn ìbéèrè nìyẹn. Gbólóhùn alátẹnumọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. "Eérú ni" jẹ́ ìdáhùn pípé fún ẹni tó gbọ́ ìbéèrè, fún ẹni tí kò gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tó já bọ́ láti òkè ni. Nítorí náà mo ya ègé pépà kọ̀ọ̀kan wò: mo fi ọwọ́ bo ìbéèrè, mo pe ọmọ yàrá mi, ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò tí aró kò sì kàn, mo ka ìdáhùn nìkan fún un, mo sì bi í pé ta ni wọ́n ń sọ. Bí kò bá lè sọ ọ́, mo padà sínú ojú ìwé 41 náà láti wá ibi tí olùsọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ti dárúkọ ẹni tàbí nǹkan náà.

Fún ti "wọ́n" yìí, mo rí i ní A3. Níbẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti ń sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ agbo-ilé, wọ́n sì wí pé, "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, àwọn ni wọ́n ni gbogbo ìkòkò aró tó wà níbí." Ẹni náà wà níbẹ̀, ìkòkò wà níbẹ̀. Ìtò náà wá di báyìí:

Ìlà 3. A3, 00:04:17:00 sí 00:04:23:10. "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin… tó wà níbí."
Ìlà 4. A1, 00:12:41:09 sí 00:12:52:20. "Wọ́n ò jẹ́ n fọwọ́ kàn án… bínú ìkòkò ṣe rí."

Ìlà kẹta gba ìṣẹ́jú àáyá 6 àti fíréèmù 10, ìkẹrin gba 11 àti fíréèmù 11. Àpapọ̀ wọn kò tó ìṣẹ́jú àáyá 18. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ àti ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni mo máa ń kọ pẹ̀lú nọ́ḿbà, nítorí pé nọ́ḿbà lè yẹ̀ ní fíréèmù méjì sí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ni yóò jẹ́ kí ẹ́dítọ̀ mọ̀ pé ibi tí mo ní lọ́kàn ló dé.

Lórí pépà, ìlà méjèèjì so mọ́ra bí ìgbà tí ẹnìkan sọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Mo padà lọ gbọ́ wọn. Ní A3, wọ́n ti tan ẹ̀rọ ìlọta ilé kejì, ariwo rẹ̀ ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀. Ní A1, ibi gbogbo dákẹ́. Bí a bá gbé wọn tira, ẹ̀rọ náà yóò kú lójijì láàárín gbólóhùn. Oòrùn náà ti yí: ní A1 ojú Ìyá Àgbà wà nínú òjìji, ní A3 apá kan rẹ̀ ti mọ́lẹ̀. Ìlà kẹta mi nínú ELAN ló jẹ́ kí n tètè rántí ariwo náà. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìtò pé kí àwòrán ọwọ́ tó ń pọn omi bo ojú ibi tí a gbé so wọ́n, kí ẹ́dítọ̀ sì fa ariwo ẹ̀rọ wọ abẹ́ ìlà kẹrin, kó rọra rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí yóò fi tán. Ohun méjì yìí kò lè hàn lórí pépà tí èèyàn kò bá padà lọ fetí sí i.

Èyí tó wá jẹ́ tiwa pátápátá ni ti ohùn. Nígbà tí mo ń wá bí ìlà kẹrin yóò ṣe kúrú, mo rò pé kí n gé e sí "nìkan": "Ọdún méjì ni mo fi ń pọnmi nìkan." Lójú, gbólóhùn tó parí ni, mo tilẹ̀ lè fi àmì ìdánudúró sí i. Mo gbọ́ ọ: ohùn Ìyá Àgbà kò tíì balẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bá ń tẹ̀ léra wọn nínú gbólóhùn Yorùbá, ohùn òkè tó kàn máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, débi pé gbólóhùn máa ń rọra sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń sọ àtẹ̀gùn. Ìyá Àgbà ṣì wà láàárín àtẹ̀gùn ní "nìkan", torí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu àwọn. Ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè rí yóò gbọ́ ọ, yóò sì sọ pé ó dà bíi pé wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ìyá. Mo jẹ́ kó dé "ṣe rí", níbi tí wọ́n ti balẹ̀ fúnra wọn.

Ìdí kan náà ni kò fi ṣeé ṣe láti yọ ọ̀rọ̀ kan níbì kan kí a fi di ihò níbòmíràn. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa dámọ̀ràn pé kí a mú "aró" látinú ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, kí a fi parí òmíràn tí kẹ̀kẹ́ alùpùpù kọjá lórí rẹ̀. Ohùn òkè ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ga jù fún ìparí. A gbìyànjú rẹ̀ lórí fóònù, ó dà bíi pé Ìyá Àgbà ń kígbe pe aró láti òdìkejì òpópó.

Ẹ sì wo bí mo ṣe kọ "pọnmi" àti "bínú ìkòkò". Bí mo bá kọ "pọn omi" àti "bí inú ìkòkò" bí àkọtọ́ ṣe fẹ́, àlàfo yóò wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì lórí pépà, èèyàn yóò sì rò pé ibẹ̀ ṣeé gé. Nínú ohùn, kò sí àlàfo kankan níbẹ̀. Fáwẹ̀lì kan ti jẹ fáwẹ̀lì kejì. Bí ẹ́dítọ̀ bá fi sísọ́ọ̀sì sí i, ìdajì sílébù ni yóò bá lọ́wọ́. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ bí ẹnu ṣe sọ ọ́ nínú ìwé tí ẹ́dítọ̀ yóò lò. Àkọtọ́ pípé wà fún ìtumọ̀ abẹ́ àwòrán tí a ó ṣe nígbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa wà ní A2. Ìyá Àgbà wí pé, "Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ ẹ̀, kò ní jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ yìí." Gbólóhùn mímọ́ ni, kò ní arọ́pò orúkọ tó sọnù, ohùn rẹ̀ balẹ̀ dáadáa, ó sì dáhùn ìbéèrè orí káàdì bíi pé wọ́n kà á lára ògiri. Ẹni tó darí fíìmù náà ní òun fẹ́ fi parí fíìmù, kí a sì fi ojú ọmọ wọn tó ń yọ́ ìda lórí iná tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá rò ó dáadáa, ẹ ó rí ohun tí ìtò yẹn ń sọ: pé ìyá kò fẹ́ràn ọmọ yìí, tàbí pé ọmọ kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu.

Mo ka ojú ìwé kan tó ṣáájú rẹ̀ àti ojú ìwé kan tó tẹ̀ lé e. Omi eérú ni wọ́n ti ń sọ bọ̀ láti bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, bó ṣe ń bó ọwọ́, bí wọn kò ṣe lè fi ọwọ́ jẹ ọbẹ̀ aláta fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. "Iṣẹ́ yìí" kì í ṣe àdìrẹ. Sísẹ́ omi eérú ni. Ní A4, ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, ọmọ wọn gbé aṣọ kan kọjá, Ìyá Àgbà sì wí pé, "Ẹ ò wa rí i? Ọwọ́ ẹ̀ ti dá ju tèmi lọ." Lórí ìwé, ó lè jẹ́ ìyìn, ó lè jẹ́ ẹ̀gàn. Ìlà kẹta nínú ELAN ni mo ti kọ ọ́ pé: ẹ̀rín, àwọn méjèèjì, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.

Mo sọ fún darí wa pé bí gbólóhùn A2 yóò bá wọ fíìmù, ọ̀rọ̀ ọwọ́ bíbó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ A4 pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ó ní ìyẹn yóò jẹ ìṣẹ́jú àáyá 40, pé kò sí àyè. Òótọ́ ni, kò sí. A jọ jókòó ti àwọn ègé pépà títí ilẹ̀ fi ṣú, a sì yọ àlàyé télọ̀ lórí owó aṣọ kúrò. Èrò mi ni pé ìtò orí pépà ni ibi tó dára jù láti ja irú ìjà yìí, nígbà tí ohun tí a ń jà lé lórí kò tíì ju ègé pépà mẹ́rin lọ. Bí orin bá ti wọ fíìmù tán, ta ni yóò gbà kí wọ́n tú u?

Kí a tó fi ìtò náà ránṣẹ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, mo sì ka ìlà tó jẹ́ ti Ìyá Àgbà sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tò. Kì í ṣe gbogbo onífíìmù ló ń ṣe èyí, àwọn míì tilẹ̀ lòdì sí i, wọ́n ní ẹni tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò yóò fẹ́ kọ fíìmù náà fúnra rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà ní kí n yọ: orúkọ oníbàárà kan tó jẹ wọ́n ní gbèsè, ẹni tó ti kú. Ní ti gbólóhùn A2, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi kí n wò ó, wọ́n ní, "Sọ fún wọn pé eérú ni mo wí o."

Ibi tó ṣẹ́kù ni àwọn ihò tí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni kò dí. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé nínú wákàtí mẹ́ta náà pé ewé ni ẹ̀lú, pé wọ́n ń gún un, wọ́n ń sù ú bí òkìtì kéékèèké, wọ́n ń sá a kó gbẹ. Fún wọn, ta ni kò mọ ìyẹn? Ibẹ̀ ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ asọ̀tàn, gbólóhùn méje péré nínú gbogbo fíìmù. N kò ka iye ọ̀rọ̀ láti mọ bí yóò ti gùn tó. Mo fún ẹni tí yóò kà á, ó kà á sókè bí yóò ṣe kà á gan-an, mo sì fi fóònù ka àkókò: ìṣẹ́jú àáyá 52. Ìwé ìkẹyìn ní òpó méjì, òsì fún ohun tí ojú yóò rí, ọ̀tún fún ohun tí etí yóò gbọ́. Níbi tí òpó ọ̀tún bá ṣófo, mo kọ "ìdákẹ́" sí i pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹlòmíràn yóò rò pé mo gbàgbé ni. Aṣọ tó ń yí látinú àwọ̀ ewé sí aró gba ìṣẹ́jú àáyá 20 láìsí ọ̀rọ̀ kankan.

Nígbà tí mo ṣírò gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ẹni mẹ́ta jẹ́ ìṣẹ́jú 8 àti àáyá 48, ti asọ̀tàn jẹ́ 52, ìdákẹ́ àti àwòrán iṣẹ́ jẹ́ ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 20. Géńdé ìṣẹ́jú 12 nìyẹn. Ẹ́dítọ̀ wa tò ó bí mo ṣe kọ ọ́ láì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún un, ó sì jáde ní ìṣẹ́jú 13 àti àáyá 35, nítorí pé kò sí bí mo ṣe lè ka èémí tí èèyàn ń mí láàárín ìlà kan sí òmíràn. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní ìbéèrè mẹ́ta. Méjì jẹ́ lórí àwòrán. Ìkẹta ni pé ṣé òun lè dín ìṣẹ́jú àáyá 20 tí aṣọ fi ń yí àwọ̀ kù sí 12. Mo ní kó lọ dín ọ̀rọ̀ télọ̀ kù.